Orí Keje: Kíkọ Lẹ́tà sí Agbàwé Tuntun Nígbà tí Olùfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Ti Fi Ilé-iṣẹ́ Sílẹ̀

Èròǹgbà orí yìí

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, yóò lè:

(a) dá a mọ̀ bóyá ẹni tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ti kúrò níbi iṣẹ́ lóòótọ́, tàbí àdírẹ́sì ni a ṣì kọ;
(b) wá ẹni tí ó tọ́ kí a kọ̀wé sí báyìí rí;
(d) kọ lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ̀ tí ẹni tí kò bá a pàdé rí yóò kà, tí yóò sì fi rí fáìlì rẹ̀;
(e) ya ohun tó wà lákọsílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a fẹnu lásán sọ.

## 7.1 Àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó

Olùfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ yàn láti bi olùwáṣẹ́ ní ìbéèrè kí wọ́n tó pinnu bóyá wọn yóò gbà á síṣẹ́.

Agbàwé tuntun ni ẹni tí ọ̀ràn olùwáṣẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn tí olùfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti lọ. Ó lè jẹ́ arọ́pò, ìyẹn ẹni tí wọ́n fi sí ipò tó ṣófo. Ó sì lè jẹ́ ọ̀gá tó ń di ipò náà mú títí wọn yóò fi rí ẹlòmíràn.

Fáìlì olùwáṣẹ́ ni àkójọ ìwé tí ilé-iṣẹ́ ní nípa olùwáṣẹ́ kan: lẹ́tà ìwáṣẹ́, sífíì, ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí, ìwé ìpè, àti máàkì tí wọ́n fún un lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Nọ́ńbà ìtọ́kasí ni nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ kọ sí òkè lẹ́tà wọn kí wọ́n lè tètè rí fáìlì tí lẹ́tà náà ti jáde.

Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́ ni ẹ̀ka tó ń gbani síṣẹ́, tó sì ń tọ́jú fáìlì gbogbo òṣìṣẹ́ àti olùwáṣẹ́.

## 7.2 Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí fáìlì nígbà tí òṣìṣẹ́ bá lọ

Ọ̀nà méjì ni àwọn ibi iṣẹ́ ń gbà gba lẹ́tà, ìyàtọ̀ wọn sì hàn kedere ní Zaria.

Ọ̀nà kìíní ni ti ilé-iṣẹ́ ìjọba. Yunifásítì Ahmadu Bello, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, àti Ilé Ìwádìí Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà ní Samaru, tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1922, jẹ́ àpẹẹrẹ irú rẹ̀. Ní irú ibẹ̀, ipò ni a ń kọ̀wé sí, kì í ṣe ènìyàn. Ẹni tó bá ń wáṣẹ́ níbẹ̀ yóò kọ̀wé sí Akọ̀wé Àgbà tàbí sí Olùdarí, ẹnì yòówù tí ì báà wà lórí àga lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀gá kan bá fẹ̀yìn tì lónìí, lẹ́tà tó dé lọ́la yóò ṣì bọ́ sínú fáìlì kan náà.

Ọ̀nà kejì ni ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ímeèlì tí orúkọ ẹnì kan wà lára rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi pe olùwáṣẹ́, ẹni náà ló sì ń dá a lóhùn títí dé ìparí. Níbí ni ìṣòro ti ń wá. Bí òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ohun mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń pínyà.

Ìwé máàkì àti ìwé tí olùwáṣẹ́ fi sílẹ̀ sábà máa ń wà ní Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́. Ímeèlì tí òun àti olùwáṣẹ́ kọ síra wọn wà nínú àpótí ímeèlì tí wọ́n ti tì, tí ẹnikẹ́ni lè má ṣí mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹnu sọ, bí i ọjọ́ tí èsì yóò dé tàbí ìwé tó ní kí olùwáṣẹ́ mú wá, bá a lọ ni. Agbàwé tuntun kò gbọ́ ọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni lẹ́tà tí orí yìí ń kọ́ni gbọ́dọ̀ ṣe: kí ó tọ́ka sí ohun tó ṣì wà nínú fáìlì, kí ó sì fi pẹ̀lẹ́tù kọ ohun tí kò sí níbẹ̀ sílẹ̀.

## 7.3 Bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹni náà ti lọ

Àìgbọ́ èsì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ilé-iṣẹ́ mìíràn kì í ti àpótí ímeèlì òṣìṣẹ́ tó lọ; ńṣe ni wọ́n máa ń darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ímeèlì náà yóò sì wọlé láìsí ariwo. Àmì kìíní ni ìwé ìdápadà tí ẹ̀rọ máa ń fi ránṣẹ́ nígbà tí ímeèlì kò bá dé ibi tí a fi í sí. Irú rẹ̀ nìyí:

```
Delivery Status Notification (Failure)
550 5.1.1 User unknown
```

Nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kà. `5.1.1` túmọ̀ sí pé kò sí àpótí tó ń jẹ́ orúkọ yẹn níbẹ̀. Wọ́n lè ti tì í, ó sì lè jẹ́ pé lẹ́tà kan ni a ṣì tẹ̀. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ fi àdírẹ́sì tí a kọ wé èyí tó wà nínú ìwé ìpè, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. `5.2.2` túmọ̀ sí pé àpótí náà kún. Ẹni náà lè ṣì wà níbi iṣẹ́. Bí nọ́ńbà náà bá fi `4` bẹ̀rẹ̀, ìdíwọ́ ìgbà díẹ̀ ni, ẹ̀rọ yóò sì tún gbìyànjú fúnra rẹ̀.

Àmì kejì ni ìdáhùn tí ẹ̀rọ ń dá fúnra rẹ̀, tó sọ pé ẹni náà kò sí ní ilé-iṣẹ́ mọ́. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dárúkọ ẹni tí a lè kọ̀wé sí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ kà á tán, nítorí pé ẹni tó wà ní ìsinmi náà máa ń fi irú rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ tí yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ sì máa ń wà nínú rẹ̀.

## 7.4 Wíwá agbàwé tuntun

Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìwé ìpè tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó wáyé. Nọ́ńbà fóònù ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà ìtọ́kasí àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i máa ń wà nínú rẹ̀. Kí olùwáṣẹ́ pe nọ́ńbà yẹn. Kò ní láti ro ẹjọ́ fún ẹni tó bá gbé fóònù. Ohun mẹ́ta péré ni kó béèrè: ẹni tó ń bójú tó ọ̀ràn náà, bí ẹni náà ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀, àti àdírẹ́sì tí a lè kọ̀wé sí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà lè lọ:

— Ẹ káàárọ̀ o. Mo ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́dọ̀ yín ní oṣù Kẹta. Ẹni tó pè mí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ta ni kí n kọ̀wé sí nípa ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà báyìí?
— Hàjíyà ló ń ṣe é, ní Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́.
— Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn? Àdírẹ́sì wo ni wọ́n sì ń gba ímeèlì sí?

Ìbéèrè nípa orúkọ ṣe pàtàkì ní Zaria àti Kaduna. Orúkọ kan náà lè ní ju ọ̀nà kan lọ tí a ń gbà kọ ọ́, bí i Muhammad àti Mohammed. Orúkọ bàbá tàbí orúkọ ìlú sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ fi ń ṣe orúkọ kejì, nítorí náà Màlámù, Àlájì tàbí Hàjíyà sábà máa ń ṣáájú orúkọ àkọ́kọ́. Bí a kò bá mọ oyè ẹni náà dájú, ipò rẹ̀ ni kí a kọ.

Àsìkò ìpè náà ní ètò tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, òwúrọ̀ ni kí a pè, nítorí pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ yóò ti dìde lọ fún ìrun kí ọ̀sán tó pọ́n.

Kí olùwáṣẹ́ má ṣe béèrè nọ́ńbà fóònù ẹni tó ti lọ, kó má sì béèrè ìdí tó fi lọ. Òfin Ààbò Ìsọfúnni Ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 dáàbò bo irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ tó bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fún un.

Ewu kan wà níhìn-ín. Oníjìbìtì lè kọ̀wé sí olùwáṣẹ́ pé òun ni arọ́pò, pé iṣẹ́ ti bọ́ sí i, kí ó san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó àyẹ̀wò ara. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni apá tó tẹ̀lé àmì `@` nínú ímeèlì rẹ̀. Bí ìwé ìpè bá wá láti inú àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́, tí ti ẹni tuntun yìí sì parí sí `@gmail.com`, kí olùwáṣẹ́ má dá a lóhùn títí yóò fi pe nọ́ńbà inú ìwé ìpè àtijọ́ láti béèrè. Kò gbọ́dọ̀ pe nọ́ńbà tí ẹni tuntun náà fi ránṣẹ́, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni yóò dún sí.

## 7.5 Ohun márùn-ún tí lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ ní

(1) Àkọlé tó ń tọ́ka sí fáìlì. Orúkọ iṣẹ́ náà, ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti nọ́ńbà ìtọ́kasí ni kó wà níbẹ̀. Àkọlé bí i “Ìbéèrè Pàtàkì” kò ran ẹni tó ń wá fáìlì lọ́wọ́.

(2) Ẹni tí olùkọ̀wé jẹ́, àti bí ó ṣe mọ agbàwé. Agbàwé kò mọ̀ ọ́n rí. Gbólóhùn kan tó sọ ẹni tó darí rẹ̀ wá yóò mú ìfura kúrò.

(3) Ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́, ibi, àti ipò àwọn tó jókòó níbẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀ tó ṣì wà ní ilé-iṣẹ́, kí a sọ ọ́, nítorí pé òun ni agbàwé lè bi léèrè.

(4) Ohun tí a sọ ní ìparí. Kí a sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí a gbọ́, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe.

(5) Ìbéèrè kan ṣoṣo. Lẹ́tà tó bá ní ìbéèrè mẹ́rin sábà máa ń gba ìdáhùn sí èyí tó rọrùn jù nínú wọn.

Bí ilé-iṣẹ́ bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí olùwáṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó fi dáhùn. Ètò márààrún yìí kò yí padà nítorí èdè.

## 7.6 Àpẹẹrẹ

Olùwáṣẹ́ kan ń gbé ní Samaru. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ló kà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ kan tó ń po ọ̀dà ní Kaduna fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́ àyẹ̀wò ní láàbù. Àwọn méjì ló jókòó níwájú rẹ̀: òṣìṣẹ́ kan láti Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́, àti ọ̀gá tó ń bójú tó pípo ọ̀dà. Òṣìṣẹ́ náà sọ fún un pé èsì yóò dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó sì fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ bí ó bá ti gbà á. Nígbà tó ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó tún fi kún un pé, “Fọkàn balẹ̀, lẹ́tà nìkan ló kù.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta. Ní ọjọ́ 27, olùwáṣẹ́ fi ímeèlì ránṣẹ́, ìwé ìdápadà tó ní `5.1.1` sì dé lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ àdírẹ́sì náà wò, kò ṣì í kọ. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ọ̀, ọjọ́ 28, ó pe ilé-iṣẹ́, wọ́n sì sọ fún un pé Hàjíyà tó jẹ́ ọ̀gá Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́ ló ń bójú tó ọ̀ràn náà. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn: ìjọba àpapọ̀ ti kéde ìsinmi fún ọjọ́ 31 oṣù Kẹta àti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin. Nítorí náà, ó dúró di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin, kí lẹ́tà rẹ̀ má bàa sọnù sáàárín èyí tó kó jọ nígbà ìsinmi. Ohun tó kọ nìyí:

> Samaru,
> Zaria,
> Ìpínlẹ̀ Kaduna.
> Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹrin, ọdún 2025.
>
> Ọ̀gá Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́,
> (orúkọ ilé-iṣẹ́),
> Kaduna.
>
> Hàjíyà (orúkọ) tí mo bọ̀wọ̀ fún,
>
> IṢẸ́ ÀYẸ̀WÒ NÍ LÁÀBÙ: ÌFỌ̀RỌ̀WÁNILẸ́NUWÒ TI ỌJỌ́ 4 OṢÙ KẸTA 2025 (nọ́ńbà ìtọ́kasí)
>
> Mo wà lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ yín fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún iṣẹ́ tí mo dárúkọ lókè yìí. (Orúkọ), tó wà ní Ẹ̀ka yín nígbà náà, àti ọ̀gá tó ń bójú tó pípo ọ̀dà ló fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Nígbà tí mo pe ilé-iṣẹ́ yín ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ ń bójú tó ọ̀ràn náà báyìí.
>
> Ní òpin ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, wọ́n ní n óò gbọ́ èsì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n sì fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ mi ránṣẹ́ bí mo bá ti gbà á. Ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí, pẹ̀lú sífíì mi àti ìwé ìpè tí ilé-iṣẹ́ yín kọ sí mi.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti parí yíyàn fún iṣẹ́ náà.
>
> Ẹ ṣeun.
>
> Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
> (ìfọwọ́sí)
> (orúkọ ní kíkún àti nọ́ńbà fóònù)

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí olùwáṣẹ́ yìí mú àti ohun tó fi sílẹ̀. Ó mẹ́nu ba ọ̀gá tó ń bójú tó pípo ọ̀dà, nítorí pé ọ̀gá náà ṣì wà, ó sì lè jẹ́rìí sí i. Ó so ìwé ìpè mọ́ lẹ́tà kí Hàjíyà má bàa ní láti ṣí àpótí tí wọ́n ti tì. Ó kọ ọ̀rọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ìwé ẹ̀rí sílẹ̀, nítorí pé ìyẹn ló fi hàn pé kì í ṣe òun ló yan ọjọ́ tó béèrè.

Ṣùgbọ́n kò kọ “lẹ́tà nìkan ló kù” síbẹ̀. Ẹnì kan ló sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá kejì kò gbọ́ ọ, kò sì sí nínú ìwé kankan. Bí ó bá kọ ọ́, Hàjíyà yóò kà á sí pé olùwáṣẹ́ ń fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ti lọ de ilé-iṣẹ́ lókùn. Máàkì tó wà nínú fáìlì yóò sọ ohun tí gbólóhùn yẹn fẹ́ sọ.

## 7.7 Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ àti àtúnṣe wọn

Dídarí gbogbo ímeèlì àtijọ́ lọ láìkọ nǹkan kan kún un. Agbàwé yóò ní láti ka ìjíròrò tí òun kò sí nínú rẹ̀ kó tó mọ ohun tí a ń béèrè. *Àtúnṣe:* kí a kọ lẹ́tà tuntun, kí ti àtijọ́ tẹ̀lé e nísàlẹ̀.

Sísọ ọ̀rọ̀ di àdéhùn. *Èyí tí kò tọ́:* “Ilé-iṣẹ́ yín ti gbà mí síṣẹ́.” *Èyí tó tọ́:* “Wọ́n ní n óò gbọ́ èsì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

Ríráhùn nípa ẹni tó lọ. *Èyí tí kò tọ́:* “Wọ́n lọ láìsọ fún mi.” *Èyí tó tọ́:* “(Orúkọ), tó wà ní Ẹ̀ka yín nígbà náà…”

Kíkọ̀wé sí ènìyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Oníkálukú yóò rò pé èkejì ti dáhùn. *Àtúnṣe:* ẹnì kan ni kí a kọ̀wé sí.

## 7.8 Lẹ́yìn tí lẹ́tà bá ti lọ

Kí olùwáṣẹ́ fún agbàwé ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, láìka ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, ni ìránlétí tọ́ sí. Kí ìránlétí náà wà lábẹ́ àkọlé kan náà, kó má sì ju gbólóhùn méjì lọ: ọjọ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ, àti ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀. Bí ìdáhùn kò bá dé lẹ́yìn rẹ̀, kí ó pe ilé-iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i láti mọ̀ bóyá ọ̀ràn náà tún ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá sọ fún un pé wọ́n ti gba ẹlòmíràn, kí ó dúpẹ́, kí ó sì fi lẹ́tà náà pamọ́ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

## Àkótán

1. Nígbà tí olùfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá lọ, ìwé rẹ̀ sábà máa ń kù sí Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó fẹnu sọ kò kù.
2. Nọ́ńbà inú ìwé ìdápadà ló ń fi hàn bóyá àpótí náà kò sí tàbí ó kún.
3. Nọ́ńbà fóònù inú ìwé ìpè àtijọ́ ni a fi ń wádìí agbàwé tuntun. Òun náà ni a fi ń mọ oníjìbìtì.
4. Lẹ́tà náà ń tọ́ka sí fáìlì, ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ń béèrè ohun kan ṣoṣo.
5. Ohun tí ẹlòmíràn lè jẹ́rìí sí, tàbí tí ó jẹ mọ́ ìwé tí a ń fi ránṣẹ́, ni a ń kọ. Ìlérí ẹnu ọ̀nà kì í wọ inú lẹ́tà.

## Iṣẹ́ ṣíṣe

A. Dáhùn ní ṣókí.

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín agbàwé tuntun àti arọ́pò?
2. Ímeèlì rẹ padà pẹ̀lú `5.2.2`. Ǹjẹ́ ó yẹ kí o máa wá agbàwé tuntun? Ṣàlàyé.
3. Èéṣe tí ìṣòro yìí kò fi wọ́pọ̀ nígbà tí a bá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìjọba?

B. Ṣàtúnṣe ìpínrọ̀ yìí, kí o sì sọ ìdí fún àtúnṣe kọ̀ọ̀kan.

“Ẹni tó pè mí ti sá lọ láìsọ fún mi. Ó ti sọ pé iṣẹ́ náà ti di tèmi. Ẹ jọ̀wọ́, ìgbà wo ni n óò bẹ̀rẹ̀, èló ni owó oṣù, ṣé ẹ sì lè fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀?”

D. Kọ lẹ́tà. Ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Tudun Wada, Zaria, fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò fún iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn. Dókítà tó fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò ti lọ, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àgbà tó jókòó tì í ṣì wà níbẹ̀. Kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn náà.

E. Iṣẹ́ ẹni méjì. Kí ẹnì kan ṣe òṣìṣẹ́ tó gbé fóònù, kí èkejì ṣe olùwáṣẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí olùwáṣẹ́ béèrè.